Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí pẹ̀lú sírọ́ọ̀pù parasẹtamọ́ọ̀lù fọ́mọ oṣù 7, ṣé ó léwu?

Ìyá Ìkókó Ṣàgámù
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé yìí. Ọmọ mi pé oṣù 7, ara ẹ̀ ń gbóná látàná, eyín ń hù, ìdí ẹ̀ náà pọ́n. Kẹ́mísì fún mi ní parasẹtamọ́ọ̀lù àti sírọ́ọ̀pù eyín, ìyá ọkọ mi wá gba àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wá lọ́dọ̀ eléwé-ọmọ. Ṣé mo lè lò wọ́n pọ̀, àbí wákàtí mélòó ni kí n fi sáàárín wọn?

Ọmọ Alágbo Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre màmá. Ìyá mi ti ń ta àgbo ní Òkè-Ajé kí wọ́n tó bí mi, nǹkan tí wọ́n máa ń sọ fún oníbàárà ni pé kó fi wákàtí 2 sáàárín. Òògùn òyìnbó á ti wọ ara tán kí àgbo tó dé bẹ̀, wọn ò ní pàdé. Àwọn tó ń da méjèèjì pọ̀ sínú fídà kan náà ló ń kó wàhálà bá ara wọn.

Bàbá Ìbejì Àgọ́-Ìwòyè
Inú mi dùn pé wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yìí wá, torí èmi náà, jẹ̀díjẹ̀dí ò jẹ́ n jókòó dáadáa láti bí oṣù kan, mo sì ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àgbo tí mò ń mu, ògógóró ni wọ́n fi rẹ ẹ́ o. Ṣé kí n dá òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn dúró ná?

Ọmọ Ìlíṣàn
Baba, ọ̀rọ̀ ọmọ ìkókó là ń sọ níbí 😂 Ẹ má dá òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kankan dúró o, ẹ lọ bá dókítà yín.

Ìyá Ìkókó, ẹ da àgbo yẹn sí gọ́tà kó parí. Sírọ́ọ̀pù ní nọ́ńbà NAFDAC lára, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, ewu ò sí níbẹ̀. Àgbo yẹn, ta ló mọ ohun tó wà ńbẹ̀?

Ọmọ Alágbo Ìjẹ̀bú-Òde
@Ọmọ Ìlíṣàn ewu ò sí níbẹ̀ kẹ̀? Ẹ ti gbàgbé 2008 ni? Òògùn eyín náà ni, ó ní nọ́ńbà, inú ìgò ló wà, ọmọ tó lé ní 80 ló kú nílẹ̀ yìí. Àgbo wo ló ṣerú ẹ̀ rí?

Apòògùn Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ̀yin méjèèjì ẹ rọra, a máa padà síbẹ̀.

Ìyá Ìkókó, ẹ má tíì fún ọmọ ní nǹkan kan mọ́ ná, ì báà jẹ́ sírọ́ọ̀pù, ì báà jẹ́ àgbo. Ọmú nìkan. Ẹ gbé ìgò méjèèjì síwájú yín kẹ́ ẹ wá sọ fún mi: kí ni wọ́n kọ sára ìgò parasẹtamọ́ọ̀lù, ẹ wo ibi tí mg wà, mg mélòó nínú ml mélòó? Kí ni wọ́n kọ pé ó wà nínú òògùn eyín yẹn? Kí lẹ fi ń wọ̀n wọ́n? Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ti fún un látàná, àti aago mélòó lẹ fún un gbẹ̀yìn? Kílò ẹ̀ ńkọ́? Àgbo yẹn, ṣé wọ́n sè é ni àbí wọ́n rẹ ẹ́, omi ni àbí omidùn àbí ọtí? Ṣé ọmọ ti mu ún ná?

Ìyá Àgbà Ìjẹ̀bú-Igbó
Ẹ ò ní pa wá pẹ̀lú ìbéèrè láyé ìsinyìí. Gbogbo àwọn ọmọ tí mo bí ni mo rọ lágbo, àárọ̀ kan alẹ́ kan, wọ́n ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, ọ̀kan wà ní Kánádà. Kò sí parasẹtamọ́ọ̀lù nígbà náà, ẹni tó bá rí i ló ń lò ó. Tí inú bá ń dun ọmọ tẹ́ ẹ bá rò pé òògùn ti pọ̀ lára ẹ̀, ẹ fi epo pupa díẹ̀ sí i lẹ́nu, gbogbo ẹ̀ á rọlẹ̀.

Apòògùn Ìkẹ́nnẹ́
Màmá àgbà ẹ kú ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ epo pupa yẹn, ẹ má jẹ́ kí Ìyá Ìkókó gbìyànjú ẹ̀ lálẹ́ yìí. Epo ò lè fa òògùn tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ jáde. Ohun tó máa ń ṣe ni pé ọmọ tí ara ẹ̀ ti rẹ̀ á fẹ́ bì, epo á gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ, ẹ̀dọ̀fóró ò sì mọ epo í fọ̀ kúrò. A máa ń rí ọmọ tó jẹ́ pé òògùn tó mu ò tó nǹkan kan, epo tí wọ́n rọ sí i lọ́fun ló wá sọ ọ́ di ẹni tí ò lè mí.

Ohun tẹ́ ẹ sọ gan-an ló sì yàtọ̀ sí tìsinyìí, màmá. Ẹ ní kò sí parasẹtamọ́ọ̀lù nígbà náà. Àgbo nìkan ni tiyín. Tòní, ìgò méjì ló wà nílẹ̀ pẹ̀lú àgbo.

Ìyá Ìkókó Ṣàgámù
Ẹ má bínú mo lọ wá ìgò náà. Parasẹtamọ́ọ̀lù yẹn, ìgò kékeré ni, wọ́n kọ 100mg/ml sí i. Èyí tí nọ́ọ̀sì fún wa nígbà tó gbabẹ́rẹ́ àjẹsára, ìgò ńlá ni, 120mg/5ml, nọ́ọ̀sì ní kí n fún un ní ìlàjì ṣíbí, 2.5ml, torí náà ìlàjì ṣíbí yẹn náà ni mò ń fún un nínú èyí. Nǹkan kékeré kan tó dà bí dírọ́pà wà nínú páálí ẹ̀ àmọ́ n ò lò ó, ó kéré jù.

Alẹ́ àná ni mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ti ni. Ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀, ìyá ọkọ mi ló fún un lọ́sàn-án nígbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ó bì í ni wọ́n ṣe tún un fún un, èmi náà wá dé mo fún un ní tèmi láago 4. Òògùn eyín, ṣíbí kan kíkún, 5ml, ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n kọ parasẹtamọ́ọ̀lù 120mg sára ẹ̀ pẹ̀lú nǹkan míì tí mi ò lè pè, kílórofẹ́ní báyìí báyìí. Kílò 7 ni wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ abẹ́rẹ́.

Àgbo, wọ́n ti rọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìdérí kékeré kan láàárọ̀, ìkan lọ́sàn-án. Láti ọ̀sán ló ti ń yàgbẹ́ gbuuru, ìyá ọkọ mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ń bá a jáde. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó kàn fẹ́ máa sùn ṣá.

Apòògùn Ìkẹ́nnẹ́
Ìyá Ìkókó, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù nísinsìnyí. Ẹ má dúró dàárọ̀. Ṣàgámù lẹ wà, tíṣìn ọsibítù ò jìnnà sí yín. Kẹ́ ẹ kó gbogbo ìgò lọ, pẹ̀lú àgbo náà, ẹ jẹ́ kí ìyá ọkọ yín bá yín lọ torí òun ló mọ iye tó rọ ọmọ. Ẹ máa fún un lọ́mú lójú ọ̀nà. Ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kó bì, ẹ má fún un ní epo, ẹ má fún un ní mílíìkì. Ẹ sọ fún wọn ní ẹnu ọ̀nà pé òògùn ló pọ̀ jù lára ọmọ, kì í ṣe ibà, kí wọ́n má bàa ní kẹ́ ẹ jókòó sórí ìlà. Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ kọ ọ́ sórí bébà: aago báyìí, òògùn báyìí, iye báyìí.

Màá kọ ìdí rẹ̀ síbí tẹ́ ẹ bá ti lọ. Ẹ lọ ná.

Ìyá Ìkókó Ṣàgámù
Jésù. A ti ń lọ.

Nọ́ọ̀sì Òde Rẹ́mọ
Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Apòògùn ẹ kú iṣẹ́, ṣé kẹ́ ẹ bá wa ṣe ìṣírò ẹ̀, torí àwọn ìyá tó ń ka èyí ò ní mọ ibi tó ti bàjẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń mu ọmú, ẹlòmíì á ní ẹ ń dẹ́rù ba èèyàn ni.

Apòògùn Ìkẹ́nnẹ́
Ó dáa. Ọmọ kílò 7. Parasẹtamọ́ọ̀lù, nǹkan bí 10 sí 15mg fún kílò kọ̀ọ̀kan la máa ń fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn á jẹ́ 70 sí 105mg fún tiẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló pọ̀ jù láàárín wákàtí 24, kò sì yẹ kó ju nǹkan bí 420mg lọ lápapọ̀ fún ọmọ yìí.

Nínú ìgò ńlá, 120mg/5ml, ìlàjì ṣíbí jẹ́ 60mg. Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn sọ dáa nígbà náà. Àmọ́ ìgò kékeré, dírọ́ọ̀pù ni wọ́n ń pè é, inú ml kan ṣoṣo ni 100mg wà. Parasẹtamọ́ọ̀lù kan náà, orúkọ kan náà, òórùn èso kan náà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wọn dà bí ife ẹmu àti ife ògógóró. Ìlàjì ṣíbí ẹ̀ jẹ́ 250mg. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, 1000mg. Dírọ́pà tó wà nínú páálí tí wọ́n ní ó kéré jù yẹn, òun gan-an ló bá òògùn náà mu, kò ju ml kan lọ tó yẹ kí ọmọ yìí gbà.

Kò tíì parí. Òògùn eyín náà, parasẹtamọ́ọ̀lù ni, 5ml lẹ́ẹ̀mẹta, 360mg nìyẹn. Àpapọ̀ 1360mg láàárín ọjọ́ kan fún ọmọ tí 420mg tó. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Tí ọmọ kékeré bá ti gba tó 150mg fún kílò kan láàárín ọjọ́ kan, ọsibítù ló kàn, ì báà máa jó. Ọmọ yìí ti gba nǹkan bí 194.

Èyí tó bì lọ́sàn-án, ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú ìṣírò. Kò sẹ́ni tó lè wo èébì kó sọ iye tó kù nínú.

Ní ti ẹ̀rín: parasẹtamọ́ọ̀lù tó pọ̀ jù kì í pariwo lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ lè bì, ó lè kọ ọmú díẹ̀, tàbí kó má tiẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ẹ̀dọ̀ ló ń jẹ níkọ̀kọ̀, tó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni ojú á máa pọ́n bí ẹni ní ibà pọ́njú, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè dì dáadáa, oorun á wá di oorun àìmọ̀kan. Òògùn kan wà tó ń bá a jà, asẹtíìlìsístéìnì, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, láàárín wákàtí 8 sí ìgbà tí ọmọ mu ún. Tó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé látàná bíi tiẹ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ ni dókítà á fi mọ̀ bóyá kóun bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìdí tí mi ò ṣe fẹ́ kí wọ́n dúró dàárọ̀ nìyẹn.

Ọmọ Ìlíṣàn
Haa. Nítorí náà sírọ́ọ̀pù ni, kì í ṣe àgbo?

Ọmọ Alágbo Ìjẹ̀bú-Òde
Mo ní mo sọ ọ́! 🙏

Apòògùn Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ má tíì yọ̀, àbúrò. Kí ló máa ń wà nínú àgbo jẹ̀díjẹ̀dí yín? Kì í ṣe ti ìbẹ̀wò ìjọba o, mo kàn fẹ́ mọ̀.

Ọmọ Alágbo Ìjẹ̀bú-Òde
Kò sí àṣírí ńbẹ̀. Egbò ìpẹta, kànáfùrù, àlùbọ́sà eléwé, káún díẹ̀, àwọn egbò míì tí ìyá mi mọ̀. Tàgbà la fi ọtí rẹ. Tọmọdé, omidùn. Àwọn míì ń sè é.

Apòògùn Ìkẹ́nnẹ́
Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ òótọ́. Ẹ ti fọwọ́ fa egbò ìpẹta ya rí, kẹ́ ẹ gbóòórùn ẹ̀?

Ọmọ Alágbo Ìjẹ̀bú-Òde
Òórùn ẹ̀ dà bí bámù tí wọ́n fi ń para. Ó máa ń ta níhò imú.

Apòògùn Ìkẹ́nnẹ́
Ohun kan náà ni. Òórùn bámù yẹn, mẹ́tíìlì salísílétì ni, ó pọ̀ nínú èèpo egbò ìpẹta, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn bámù tí a fi ń para. Ìdílé kan náà lòun àti asipirín. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í fún ọmọdé tó ní ibà ní asipirín. Láti 1986 ni wọ́n ti dá a dúró fọ́mọ tí ò tíì pé ọdún 12 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó di 2002 wọ́n sún un dé ọdún 16, torí pé ó ń kọlu ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ ọmọ tí ibà bíi ọ̀fìnkìn tàbí ìta ń bá jà. Ìyá tó bá rí asipirín lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì á kígbe. Nínú àgbo, kò sí léébù tó máa sọ fún un.

Ní ti wákàtí 2, ẹ ò jìnnà sí òótọ́ níbì kan. Káún máa ń pa oró kíkan inú, àwọn òògùn kan wà tí èyí ń dí lọ́wọ́ láti wọ ara, fún irú ìyẹn ó dáa kéèyàn fi àyè sí i. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tiwa yìí kì í ṣe pé wọ́n pàdé nínú ikùn. Inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ti ń pàdé. Salísílétì ò kúrò lára ọmọ oṣù 7 láàárín wákàtí 2, tó bá sì pọ̀ ńṣe ló túbọ̀ ń pẹ́. Kéèyàn fi wákàtí 2 sáàárín, tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé ni wọ́n kàn ń wọlé, ilé kan náà ni wọ́n ń bọ̀.

Ohun tó wá ń bà mí lẹ́rù jù nínú ìpẹta: tí salísílétì bá pọ̀ lára ọmọ, ó ń mú ara ẹ̀ gbóná. Ọmọ á máa mí kíákíá, ó ń fà á jinlẹ̀ bí ẹni tó sáré, á bì, ara á gbóná. Kí ni ìyá máa ṣe? Á ní ibà náà ti padà dé, á tún gbé ìgò parasẹtamọ́ọ̀lù.

Nọ́ọ̀sì Òde Rẹ́mọ
Òótọ́ ni. Mo máa ń rí èyí tó ń mí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní òtútù àyà ni. Tẹ́ ẹ bá fetí sáyà ẹ̀ kò sí nǹkan kan, àyà mọ́ kedere, mímí yẹn ṣá ni.

Ìgbẹ́ gbuuru yẹn náà ńkọ́, Apòògùn? Torí gbogbo ìyá ọkọ ló máa ń ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ń jáde.

Apòògùn Ìkẹ́nnẹ́
Omi ara ọmọ ló ń jáde. Ẹ̀dọ̀ ní nǹkan kan tó fi ń pa oró parasẹtamọ́ọ̀lù, látara oúnjẹ ló ti ń rí i ṣe. Ọmọ tó bá ń yàgbẹ́, tó ń bì, tí kò jẹun dáadáa fún ọjọ́ kan, nǹkan yẹn á dín kù lẹ́dọ̀ ẹ̀. Nítorí náà, iye parasẹtamọ́ọ̀lù tí ọmọ tó yó, tó lókun, lè gbé, èyí tó ń ṣu lè má lè gbé e. Ibi tí àgbo àti sírọ́ọ̀pù ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti pa ọmọ lára nìyẹn, bí ẹ tiẹ̀ fi ọjọ́ kan gbáko sáàárín wọn.

Òògùn eyín yẹn náà, kílórofẹ́nírámáìnì tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ló ń fi oorun kun ọmọ. Oorun tó fẹ́ máa sùn ṣá, mi ò lè jókòó síbí kí n sọ fún yín bóyá tiẹ̀ ni àbí ti ìpẹta àbí ti ibà. Ohun tí àpapọ̀ ń ṣe nìyẹn, àmì kan ń bo òmíràn mọ́lẹ̀.

Ọmọ Ìlíṣàn
Mo gbà pé èmi náà sọ̀rọ̀ kọjá ibi tó yẹ lórí NAFDAC. Àmọ́ àgbo tí wọ́n dì sínú ìgò ṣíṣu ń kọ́, tó ní nọ́ńbà?

Apòògùn Ìkẹ́nnẹ́
Ka léébù ẹ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò. Nọ́ńbà yẹn ò sọ pé ó bá ọmọ oṣù 7 mu.

Ti 2008, ọ̀tọ̀ ni. Kẹ́míkà ilé iṣẹ́ kan, daiẹ́tílíìnì gíláíkọ́ọ̀lù, ló wọnú òògùn eyín náà, kíndìnrín ló pa. Kì í ṣe pé ìyá kankan lò ó lápọ̀jù tàbí pé ó dà á pọ̀ mọ́ àgbo. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi máa ń fà á yọ, ó dun gbogbo wa, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè Ìyá Ìkókó.

Bàbá Ìbejì Àgọ́-Ìwòyè
Àgbo ìwẹ̀ ńkọ́ o? Ìyàwó mi ń fi wẹ àwọn ìbejì. Wọn kì í mu ún.

Nọ́ọ̀sì Òde Rẹ́mọ
Àgbo ìwẹ̀ ò burú jàre, mo máa ń fi wẹ ọmọ tèmi. Tí wọn ò bá sáà ti bu ìkúnwọ́ rọ ọ́ sí ọmọ lẹ́nu nígbà tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, tí gbogbo ìyá àgbà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ 😄

Apòògùn Ìkẹ́nnẹ́
Nọ́ọ̀sì, èmi ò fi bẹ́ẹ̀ fara mọ́ ọn. Ewé lásán, efinrin, ewé gúáfà, mi ò ní bá yín jà. Àmọ́ salísílétì ń gba awọ ara wọlé, torí ẹ̀ la fi ń fi bámù para, awọ ọmọ ìkókó sì tín-ín-rín, pàápàá ìdí tó pọ́n tó bó. Tó bá ní ìpẹta, èmi ò ní fi wẹ ọmọ.

Nọ́ọ̀sì Òde Rẹ́mọ
Omi ìwẹ̀ tó kún bẹ́sìnì ńlá? Kí ló máa kù nínú ẹ̀? Ó di ọjọ́ tá a bá rí i kà, mi ò tíì rí ọmọ tó ti ara ìwẹ̀ nìkan dé wọ́ọ̀dù wa.

Ìyá Àgbà Ìjẹ̀bú-Igbó
Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kàwé. Ìbéèrè kan ni mo ní. Tẹ́ ẹ bá ní ká má rọ ọ́ lágbo, ìdí ọmọ tó pọ́n yẹn ńkọ́? Ká máa wò ó ni?

Apòògùn Ìkẹ́nnẹ́
Rárá màmá. Ìdí ọmọ oṣù 7, lọ́pọ̀ ìgbà pámpásì tó tutù tó pẹ́ nídìí ẹ̀ ni, tàbí ìgbẹ́ tó ń yà. Ẹ máa tètè pààrọ̀ ẹ̀, omi lásán lẹ máa fi nù ún, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kẹ́ ẹ wá fi ìpara zíńkì tàbí fasilíìnì pa á. Tó bá ní kókó pupa wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó wọ ìpànpá itan, ó lè jẹ́ irú tó nílò òògùn ìpara míì, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí hẹ́lùtì sẹ́ńtà. Kò sí ohun tí à ń mu gbẹnu tó máa wò ó. Tó bá ń yàgbẹ́, omi iyọ̀ àti ṣúgà inú ọ̀rá ìjọba ni, ìyẹn ò bá sírọ́ọ̀pù kankan jà.

Eyín, kò nílò sírọ́ọ̀pù. Ẹ fọ aṣọ mímọ́ kan, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù, kó máa gé e jẹ. Eyín kì í mú ara gbóná gan-an, tí ara ọmọ bá gbóná, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ́ẹ̀sì ibà àti nǹkan míì, kẹ́ ẹ má fi eyín bò ó.

Ọmọ Alágbo Ìjẹ̀bú-Òde
Mo pe ìyá mi báyìí. Wọ́n ní ọmọ tí eyín ẹ̀ ò tíì pé, àwọn kì í fi ìpẹta sí tiẹ̀ rárá, wọ́n ní ó le. Wọ́n tún ní ẹni tó bá ń ta á fún ọmọ oṣù 7 ò mọ iṣẹ́. Apòògùn, ṣé ẹ rí i, ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n.

Apòògùn Ìkẹ́nnẹ́
Màmá yín gbọ́n, ẹ bá mi kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n bá rẹ ti àgbà, egbò mélòó, omi mélòó, ọjọ́ mélòó kí wọ́n tó dà á?

Ọmọ Alágbo Ìjẹ̀bú-Òde
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n, àti ojú. Egbò tútù àti gbígbẹ ò tiẹ̀ dọ́gba.

Apòògùn Ìkẹ́nnẹ́
Ìṣòro mi nìyẹn. Sísè máa ń jẹ́ kí díẹ̀ nínú òórùn bámù yẹn bá èéfín lọ, rírẹ sínú omidùn nínú ike tí wọ́n dé máa ń tọ́jú ẹ̀ sínú. Ìdérí kan láti ìkòkò kan lè má ní nǹkan kan nínú, ìdérí kan láti ìkejì lè pọ̀. Mi ò lè ṣèṣirò bí mo ṣe ṣe ti ìgò, dókítà tó wà níwájú ọmọ náà ò lè ṣe é.

Ìyá Ìkókó Ṣàgámù
A ti débẹ̀ o, wọ́n ti gbà wá. Bébà tẹ́ ẹ ní ká kọ yẹn, òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀, ti ẹ̀dọ̀ àti ṣúgà, ṣúgà ẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀ wọ́n ti fi dírípù sí i. Dókítà béèrè bó ṣe ń mí, ó sì fi aago kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òògùn tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn kí àbájáde tó dé, àwọn ò ní dúró. Ó ti ji, ó ń mu ọmú.

Apòògùn Ìkẹ́nnẹ́
Ọlọ́run ṣeun. Tí wọ́n bá ní ẹ fún un ní nǹkan tí ara bá gbóná, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé ìgò wo, mg mélòó, ml mélòó, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fún yín ní síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin àti ìyá ọkọ yín, ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa fún un, tàbí kẹ́ ẹ lẹ bébà mọ́ ara fíríìjì. Ṣé wọ́n rí àgbo náà?

Ìyá Ìkókó Ṣàgámù
Dókítà ní òun fẹ́ rí i, àmọ́ a gbàgbé ẹ̀ sílé nínú ìkánjú. Ọkọ mi ti lọ gbé e. Inú ọ̀rá ni eléwé-ọmọ dì í sí, ó pè mí báyìí pé ó ti ń jò sórí àga mọ́tò, gbogbo mọ́tò ń rùn bíi bámù. Ẹ̀jẹ̀ kejì di aago 6 àárọ̀, màá kọ ohun tí wọ́n bá sọ síbí.